Ṣé ó fẹ́ràn mi, àbí ọmọlúàbí lásán ni? Bí o ṣe lè ka ìfẹ́ lára olólùfẹ́ rẹ tó jẹ́ ará Jàpáànì

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Saitama, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tókíò, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fẹ́ ará Jàpáànì ń bi mí. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe sọ ọ́ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pé oṣù mẹ́rin tí a ti jọ ń jáde. Kò sọ ọ́ rí pé òun fẹ́ràn mi. Kì í dì mọ́ mi níta. Mo lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́wàá ránṣẹ́ kó dá ẹyọ kan padà. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ dé ibi tí a bá fi àdéhùn sí, kò sì sí ohun tí mo sọ tó gbàgbé. Ṣé ó fẹ́ràn mi, àbí ọmọlúàbí lásán ni?"

Ìdáhùn mi ni pé ibi tí ojú wa ti mọ́ra láti máa wo ìfẹ́ kọ́ ni ìfẹ́ wọn ń gbé. Ní Jàpáànì, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́, ní gbólóhùn kan tó yé tẹrú-tọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, inú ìṣe àti inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kó o sí. Bí o bá ń retí ọ̀rọ̀ dídùn lójoojúmọ́, ebi yóò pa ọ́ nígbà tí oúnjẹ wà níwájú rẹ.

## Kọ nǹkan mẹ́ta yìí sílẹ̀ ná

- Iye ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan ti jọ jáde, láìka ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀.
- Ọ̀rọ̀ gan-an tó sọ, tàbí tí o sọ, nípa ohun tí ẹ jẹ́ sí ara yín. Kọ ọ̀rọ̀ náà, má kọ ohun tó o rò pé ó túmọ̀ sí.
- Ibi tí olólùfẹ́ rẹ wà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, bí àwọn ọjọ́ náà bá ti kọjá lórí yín.

Má tíì dá ẹjọ́ kankan lórí wọn. A óò padà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Wò ó bóyá ẹ ti ṣe kokuhaku

Kokuhaku ni ìgbà tí ẹnì kan bá kojú ẹnì kejì tó sì sọ fún un pé: mo fẹ́ràn rẹ, jọ̀wọ́ jẹ́ ká máa fẹ́ra. Bí o bá ti gbọ́ nípa ìṣíhùn lẹ́nu àwọn ìyá wa, kò ní ṣòro fún ọ láti lóye rẹ̀. Ọkùnrin lè ti máa wá sílé ọmọbìnrin láti ọjọ́ pípẹ́, kó máa ra nǹkan, kó máa bá ìyá rẹ̀ pọnmi. Bí ọmọbìnrin náà kò bá tíì ṣíhùn, ọkùnrin náà kò lè pè é ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kokuhaku ṣe jẹ́ ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìlà yẹn, ẹ ṣì ń wo ara yín. Iwájú rẹ̀, ẹ ti ń fẹ́ra.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A máa ń rò pé bí a bá ti jáde lẹ́ẹ̀mẹfà, tí a sì ti fẹnu konu, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹni tó bá dàgbà sí Jàpáànì lè máa wò ó pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀, pé ìwọ gan-an ni o kò tíì pinnu. Ìdí nìyẹn tí kò fi pè ọ́ ní olólùfẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe wà yìí, kò tíì ní àṣẹ láti pè ọ́ bẹ́ẹ̀.

Yẹ àkọsílẹ̀ rẹ wò báyìí:

1. Ṣé ẹnì kan nínú yín ti sọ "suki", tó túmọ̀ sí "mo fẹ́ràn", tó sì fi ẹ̀bẹ̀ tì í pé kí ẹ máa fẹ́ra? "Suki" nìkan láàárín àwàdà kò tó.
2. Ṣé ẹnì kejì dáhùn? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni "Yoroṣiku onegai ṣimasu." Má ṣe jẹ́ kó tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wàá gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ tó ń kí ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn kokuhaku, bẹ́ẹ̀ ni ló túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọlé pátápátá.
3. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́, ka iye ìgbà tí ẹ ti jáde. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń retí rẹ̀ ní bí ìgbà kẹta. Bí ẹ bá ti kọjá ìgbà kẹfà, ó ṣeé ṣe kí ó máa dúró dè ọ́, kí ìwọ náà máa dúró dè é.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Bí kò bá tíì wáyé, sọ ọ́ fúnra rẹ

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nílé, a ti kọ́ yín pé ọkùnrin ló ń dẹnu kọ obìnrin. Ní Jàpáànì, ojú kì í ti obìnrin láti ṣe kokuhaku, kò sì sí ẹni tí yóò fojú ẹni tí kò níjàánu wò ọ́. Kò sí alárenà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà má rán ọ̀rẹ́.

1. Yan ibi tó dákẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà: etí odò, ọgbà ìgbafẹ́, ọ̀nà tí ẹ ń rìn padà sí ibùdókọ̀ ojú irin lálẹ́. Má ṣe é níwájú àwọn ọ̀rẹ́, má sì gbé e sórí ìkúnlẹ̀ àti orin. Wàá dójú tì í ni, ẹni tí a dójú tì kì í lè sọ òótọ́ inú rẹ̀.
2. Sọ gbólóhùn méjì péré: "Mo fẹ́ràn rẹ. Jọ̀wọ́ jẹ́ ká máa fẹ́ra." Lórí fóònù rẹ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí: 好きです。付き合ってください。 Jẹ́ kí fóònù kà á sí ọ létí títí tí yóò fi yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń sọ̀rọ̀, ṣì fi Japaníìsì sọ ọ́. Èdè rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé o fẹsẹ̀ lé ìlà náà.
3. Dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ wọn máa ń gùn ju tiwa lọ. Má fi ọ̀rọ̀ dí i.
4. Gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. "Yoroṣiku onegai ṣimasu" ni bẹ́ẹ̀ ni. "Gomen nasai", tó jẹ́ "má bínú", ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Má bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Kangaesasete", ìyẹn "jẹ́ kí n rò ó", lè jẹ́ òótọ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, má sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ lé e.

Bí olólùfẹ́ rẹ bá ti gbé pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Èkó, ó lè ti gba àṣà ibẹ̀, kó sì rò pé ẹ ti ń fẹ́ra tipẹ́. Bi í tààrà nígbà náà: "Níbi tó o ti wá, ṣé a ti ń fẹ́ra báyìí, àbí ó ku ohun kan tí a gbọ́dọ̀ sọ?" Mi ò tíì rí ẹni tí ìbéèrè yìí bí nínú.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Wá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbi tó wà

Lẹ́yìn kokuhaku, ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń retí pé òjò ọ̀rọ̀ dídùn yóò bẹ̀rẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ẹnu máa ń dákẹ́ sí i. "Suki" àti "daisuki" lo lè gbọ́, "daisuki" sì ló wúwo jù nínú méjèèjì. "Aiṣiteru", tí ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ fún ọ pé òun ni "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ", wúwo débi pé tọkọtaya lè fi ogún ọdún gbé pọ̀ láìsọ ọ́. Má ṣe fi àìsọ rẹ̀ dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, má sì fipá mú un sọ ọ́.

Rò ó wò ná. Ìgbà mélòó ni bàbá rẹ sọ fún ìyá rẹ lójú rẹ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀? "Ṣé o ti jẹun?" lo gbọ́. "Ẹ kú iṣẹ́" lo gbọ́. Ará Jàpáànì náà ní "otsukare", tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ti iṣẹ́ dé tàbí tó rẹ̀, kò sì sí èdè òyìnbó tí mo mọ̀ tó lè túmọ̀ rẹ̀ dáadáa tó "ẹ kú iṣẹ́". Bó bá ń fi "otsukare" ránṣẹ́ sí ọ ní alaalẹ́ ní wákàtí tí o ń ti iṣẹ́ bọ̀, ó mọ wákàtí náà, ó sì ń retí rẹ̀.

Àwọn ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n wò nìwọ̀nyí:

- Ọjọ́. Bí ẹ bá ń pínyà, ṣé ó ń dá ọjọ́ fún ìpàdé tó kàn, "Sátidé, aago méjì"? Ẹni tó ń sọ "kondo", ìyẹn "nígbà mìíràn", lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn láìdá ọjọ́ ń fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ ni.
- Ibodè ojú irin. Nígbà tí o bá fi káàdì rẹ kan ẹ̀rọ tí o wọlé, bojú wẹ̀yìn. Ṣé ó ṣì dúró lódì kejì? Bí o bá dé ibi àtẹ̀gùn tí o tún yíjú, tó ṣì wà níbẹ̀ tó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, ìdìmọ́ra tí o ń wá nìyẹn. Ní tèmi, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sin ara wọn yìí ló kọ́kọ́ yé mi kí èdè tó yé mi.
- Ohun kékeré tí o sọ. Bí o bá sọ lẹ́ẹ̀kan pé o kì í mu kọfí tó korò, tí kò sì sí ìgbà tó rà á fún ọ mọ́ láìsí ṣúgà, fi sínú àkọsílẹ̀ rẹ.

Ní ti LINE tí wọ́n fi ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, o máa rí 既読 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ bó bá ti kà á. Má ṣe jẹ́ kí àmì yẹn pa ọ́ lóorun. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo LINE fún àdéhùn: ibo, aago mélòó. Bó bá kà á láàárọ̀ tó dáhùn lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Bó bá kà á tí ọjọ́ mẹ́rin kọjá, tí àdéhùn sì wà níbẹ̀ tó yẹ kó dáhùn, nǹkan wà.

Àìdìmọ́ra níta àti pípín owó oúnjẹ sí méjì kì í ṣe àmì ohunkóhun. Pàápàá ẹ̀yin obìnrin tí pípín owó náà ń dùn, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní warikan, àwọn tọkọtaya tó fẹ́ràn ara wọn gidi ń ṣe é.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ka kàlẹ́ńdà rẹ̀, má ka tìrẹ

Ibí ni ìpalára tó pọ̀ jù ti ń wá, nítorí náà n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2016, ẹni tó ti di ìyàwó mi báyìí bi mí, wẹ́rẹ́, nígbà tó ń fọ abọ́: "Kí lo fẹ́ ṣe ní ọjọ́ 24?" Mo ní àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kọrin Kérésìmesì lálẹ́ ọjọ́ náà, pé èmi ni mo ń lu ìlù. Ó ní "À, bẹ́ẹ̀ ni." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Mo lọ kọrin, inú mi dùn.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ṣí fíríìjì kí n lè mu omi. Àkàrà òyìnbó funfun kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi èso ṣítóbẹ́rì tò lórí. Wọ́n ti gé igun kan kúrò lára rẹ̀. Lórí tábìlì, àwo méjì àti fọ́ọ̀kì méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwo náà kò ní àbàwọ́n kankan. Mo bi í léèrè, ó ní "Daijobu", pé kò sí wàhálà.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí òun ní Nagano títí di ọjọ́ 3 oṣù Kìíní. Kò pè mí. Inú bí mi gan-an, mo ní bóyá ó ń fi mí pamọ́ fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Ohun tí èmi kò mọ̀ ni pé ọjọ́ méjèèjì ló yí padà láàárín wa. Nílé wa, Kérésìmesì jẹ́ ti ẹbí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Jàpáànì, tí àwọn Kristẹni kò pọ̀, alẹ́ ọjọ́ 24 jẹ́ ti olólùfẹ́. Wọ́n ń jáde lọ jẹun, wọ́n ń wo iná aláràbarà, wọ́n ń jọ jẹ àkàrà òyìnbó yẹn. Ọdún Tuntun ni ti ẹbí. Àwọn ọmọ ń padà sílé òbí wọn, ẹni tí wọn kò tíì mú wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ kì í sábà tẹ̀ lé wọn. Ní tòótọ́, mímú ẹni lọ rí òbí níbẹ̀ súnmọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ju ìbẹ̀wò lásán lọ. Ìbéèrè rẹ̀ nídìí abọ́ ni ìpè. Èmi ni mo kọ̀ ọ́, tí mo tún bínú nítorí ohun tí kò ṣẹ̀ mí.

Nítorí náà:

1. Bí ẹni tí ò ń fẹ́ bá bi ọ́ léèrè nípa ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ìpè ni. Bí ìsìn bá wà, sọ fún un kíá kí ẹ lè pín alẹ́ náà tàbí kí ẹ gbé e sí ọjọ́ 23. Má ṣe dáhùn bí ẹni tí wọ́n béèrè ọjọ́ lásán lọ́wọ́ rẹ̀.
2. Bó bá lọ sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ní Ọdún Tuntun láìmú ọ dání, jẹ́ kó lọ. Bó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí ọ kú ọdún ní kété tí ọjọ́ yí, ìyẹn tó.
3. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, obìnrin ló ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní giri, tí wọ́n ń pín fún àwọn ará ibi iṣẹ́ nítorí àjọṣe, wọ́n sì ní honmei, tó jẹ́ ti ẹni tó wà lọ́kàn. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́, wo ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Bí páálí tìrẹ bá bá tiwọn mu, giri ni. Bó bá pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ìwé kékeré wà nínú rẹ̀, honmei ni. Pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò tó láti fi dájọ́, nítorí àwọn obìnrin ń ṣe é fún ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú.
4. Ọkùnrin tó bá gba honmei gbọ́dọ̀ dá a padà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Funfun. Bí o bá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lọ́wọ́ òfo, o ti dáhùn, bẹ́ẹ̀ kọ́ sì ni ìdáhùn náà. Obìnrin tó bá fún ọkùnrin ní ṣokoléètì náà lè fi ọjọ́ yìí wo ọkàn rẹ̀.

## Nígbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà

Mo ti rí àwọn tó ń fi àṣà bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀ fún olólùfẹ́ wọn. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn" kọ́ ni ìdáhùn sí àwọn nǹkan yìí:

- Ẹ ti pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, o ti ṣe kokuhaku, ó sì ń yí ọ̀rọ̀ padà nígbàkúùgbà tí o bá tún béèrè ìdáhùn.
- Alẹ́ nìkan lẹ ń ríra, kò sì sí ọ̀sán Sátidé kan tó yọ̀ǹda fún ọ rí.
- Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá kò ṣeé ṣe, kò sì gbé ọjọ́ mìíràn dìde ní ìrọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíràn lè ti gba alẹ́ náà.
- Ó ti pé ọdún kan, o kò tíì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ti òbí yàtọ̀. Ti ọ̀rẹ́ kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn lè ní àlàyé. Bí méjì bá pàdé, lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn láìfi falẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Béèrè láìfi í sí ìgbẹ́jọ́

"Ṣé o ò fẹ́ràn mi ni?" ni ìbéèrè wa, a sì máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí inú bá ti ru. Etí ará Jàpáànì yóò gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn, "daijobu" ló sì máa fi bo ara rẹ̀. Èyí ló ṣiṣẹ́ fún mi:

1. Dúró kí ìbínú lọ. Ẹ jọ rìn, tàbí kí ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ojú kò gbọ́dọ̀ kan ojú jù.
2. Mú ohun kan ṣoṣo, kó ní ọjọ́. "Ní Ọdún Tuntun, nígbà tí o lọ sí Nagano láìpè mí, nílé wa ìyẹn túmọ̀ sí pé wọn ò fẹ́ kí ẹbí mọ̀ mí. Kí ló túmọ̀ sí fún ìwọ?"
3. Sọ ohun tí ìwọ náà ṣe tó lè ti dùn ún. Èmi mẹ́nu ba àkàrà òyìnbó náà. Ibẹ̀ ni omijé ti jáde lójú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé láti oṣù Kọkànlá ló ti lọ san owó rẹ̀ sílẹ̀.
4. Bó bá dákẹ́, ka ọgọ́rin nínú ara rẹ kí o tó sọ̀rọ̀. Bó bá ní òun fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, gbà fún un. Àwọn mìíràn lè kọ ohun tí wọn ò lè fẹnu sọ, lẹ́tà ojú-ìwé méjì ni èmi gbà.
5. Kí ẹ tó dìde, ẹ yan ohun kan tí olúkúlùkù yóò máa ṣe. Tiwa ni pé èmi ni yóò máa ni alẹ́ ọjọ́ 23 fún orin ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni yóò máa ni alẹ́ ọjọ́ 24. Ó ní òun náà yóò máa pè mí láti Nagano ní alẹ́ ọjọ́ 31, kí ìsìn àìsùn tó bẹ̀rẹ̀.

Bí o bá béèrè báyìí lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì láàárín, tí kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ìwé, tí ìṣe rẹ̀ kò sì yí padà, gba ìdákẹ́jẹ́ náà bíi "gomen nasai". Sọ fún un pé o ti gbọ́, dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà bó bá fún ọ ní ọ̀kan, kí o sì máa lọ.